Lẹ́yìn Oṣù Méje Tí A Ti Ń Ṣọ́ Oúnjẹ Jẹ: Bí A Ṣe Ń Bu Òkèlè Padà Sínú Àwo

Ẹni tó ti ṣọ́ oúnjẹ jẹ fún oṣù mẹ́fà tàbí méje, tí ọ̀rá ara rẹ̀ ti wálẹ̀ dé ibi tó ń fẹ́, ṣì ní iṣẹ́ kan lọ́wọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí iṣẹ́. Ó ní láti gbé oúnjẹ padà sókè dé iye tí ara rẹ̀ yóò fi dúró lójú kan, tí kò ní máa rù, tí kò sì ní máa sanra. Ibẹ̀ gan-an ni làálàá ti sábà máa ń dànù. Ẹlòmíràn á ní òun ti parí. Tó bá di Sátidé, ó ti jókòó ti àmàlà gbàǹgbà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ẹran. Kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òṣùwọ̀n ti fi kílò méjì kún un, àyà rẹ̀ já, ó sì tún padà sídìí ebi. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ kò fẹ́ jáwọ́ nínú ebi rárá. Ẹ̀kán gàrí ló ń fi kún oúnjẹ lọ́sẹ̀ kan, oṣù mẹ́ta á kọjá, ebi ṣì ń pa á.

Àárín àwọn méjèèjì ni ọ̀nà wà: kí ẹ máa bu ọgọ́rùn-ún kálórì kún oúnjẹ ojúmọ́, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, títí dé iye tí ìwé ara yín fúnra rẹ̀ bá fi hàn. A óò mú àpẹẹrẹ kan, a óò sì tẹ̀ lé e dé òpin: obìnrin ẹni ọdún 38 kan tó ń ránṣọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 163, tó ti kúrò ní kílò 84 wá sí kílò 71 láàárín oṣù méje, tó sì ń jẹ 1,450 kálórì lójúmọ́. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ ni ẹ óò fi ti yín wò.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀: ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, aláboyún, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, àti ẹni tí oúnjẹ ti di ìjà fún lọ́kàn, tó ń pa ebi mọ́nú lónìí tó sì ń jẹ àjẹbì lọ́la, kí wọ́n kọ́kọ́ rí dókítà. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró nítorí ebi kò gbọdọ̀ fi díẹ̀díẹ̀ ṣe é rárá. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni kó gbé oúnjẹ dé iye ìdúró, kó sì lọ fi ara hàn ní ilé ìwòsàn, torí gbogbo ọ̀sẹ̀ tó bá fi ń rọra ṣe é, ọ̀sẹ̀ ebi ló tún jẹ́ fún un.

Ẹ wá iye ìdúró yín nínú ìwé yín, ẹ má wá a lórí fóònù

Áàpù inú fóònù yóò bi yín léèrè ọjọ́ orí, gíga àti ìwọ̀n ara, yóò sì yọ iye kan fún yín. Fún aránṣọ yìí, ó lè ju 1,850 kálórì lọ. Iye yẹn lè bá ẹni tó ti pẹ́ ní kílò 71 mu, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kílò 84 sọ̀ kalẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ara tí ebi ti pa fún oṣù méje ti kọ́ bí a ṣe ń ṣọ́ owó ná. Ó dín ìrìn kù láì sọ fún olówó ara: ẹsẹ̀ tó máa ń mì lábẹ́ tábìlì dúró jẹ́ẹ́, ẹni tó máa ń dìde lọ mú òwú fúnra rẹ̀ wá ń rán ọmọ iṣẹ́. Ara tó kéré kò náni tó ara tó tóbi láti gbé kiri, oúnjẹ tó kéré náà kò sì gba agbára púpọ̀ láti dà. Lórí gbogbo èyí, ìjóná inú fúnra rẹ̀ tún rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i.

Ẹ ṣí ìwé tí ẹ ti ń kọ ìwọ̀n ara yín sí. Ẹ mú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó gbẹ̀yìn, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ kan tó ṣáájú wọn. Ẹ ro ìwọ̀n òwúrọ̀ méjèèje ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan pọ̀, kí ẹ fi méje pín in. Èyí ni àròpín ọ̀sẹ̀ náà. Àròpín ti aránṣọ wa jẹ́ 72.2 ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yìí, ó sì di 71.2 ní èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn. Ó pàdánù kílò kan gbáko ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìyẹn ìdámẹ́rin kílò lọ́sẹ̀.

Kílò kan ọ̀rá ara tó nǹkan bí 7,700 kálórì. Ìdámẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 1,925. Tí ẹ bá fi ọjọ́ méje pín in, ó kù 275. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé lójoojúmọ́ ni ara rẹ̀ ń ná 275 kálórì ju ohun tó ń jẹ lọ. Ẹ wá ro 1,450 pọ̀ mọ́ 275: iye ìdúró rẹ̀ lónìí jẹ́ 1,725.

Ẹwà iye yìí ni pé bí ìwé oúnjẹ yín bá tiẹ̀ ní àṣìṣe nínú, iye náà ṣì wúlò. Ká ní aránṣọ náà kì í ka epo tó ń bẹ́ sínú ọbẹ̀, 1,450 rẹ̀ lè jẹ́ 1,600 lóòótọ́. Kò ṣe nǹkan kan, bí ó bá ṣáà ti ń bá a lọ láti máa gbàgbé epo náà bó ṣe ń gbàgbé rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òṣùwọ̀n kan náà la fi ń wọn ohun méjèèjì. Àárín ọ̀sẹ̀ yìí kọ́ ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá di ẹni tó ń ka epo. Bí ẹ bá fẹ́ ṣàtúnṣe, ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, láì bu oúnjẹ kankan kún un.

Bí ẹ kò bá ní ìwé kankan, ẹ má tíì bu nǹkan kan kún oúnjẹ. Ẹ jẹ ohun tí ẹ ń jẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ó máa ń dun èèyàn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìrìn òru ni ìrìn ẹni tí kò mọ ibi tó ti gbéra.

Òṣùwọ̀n méjì, àti bí a ṣe ń dán wọn wò

Ẹ nílò òṣùwọ̀n ara kan àti òṣùwọ̀n ilé ìdáná kékeré kan tó ń ka gíráàmù. Ẹ gbé ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan tí a kò tíì já sórí èyí kékeré. Ó yẹ kó sún mọ́ 500 gíráàmù. Bí ó bá ka 430, bátìrì ti ń kú tàbí òṣùwọ̀n náà ti bàjẹ́. Ẹ gbé àpò ìrẹsì 25 kílò tí a kò tíì tú sórí òṣùwọ̀n ara, kí ẹ wò ó bẹ́ẹ̀ náà. Orí sìmẹ́ǹtì líle ni kí òṣùwọ̀n ara máa wà. Lórí kápẹ́ẹ̀tì, irọ́ ni yóò máa pa.

Ẹ máa wọn ara láàárọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti lo ilé ìyàgbẹ́, kí ẹ tó mu omi. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ gbàgbé rẹ̀. Iye ọjọ́ kan kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Àròpín ọ̀sẹ̀ ni a óò máa bá sọ̀rọ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ fi téèpù ìwọnṣọ wọn ìbàdí ní ojú ìdodo, lẹ́yìn tí ẹ bá ti mí síta, láì fa ikùn sínú.

Bí a ṣe ń mọ ìwọ̀n òkèlè inú ìkòkò gbogbo ilé

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà máa ń fò kọjá, ibí gan-an ni ìṣòro wà nílé wa. Ìkòkò kan ni ìyá ilé ń ro, èèyàn mẹ́fà ni yóò jẹ ẹ́. Àmàlà kan rọ̀ bí ẹ̀kọ, òmíràn le bí ẹ̀kúrọ́, nítorí náà ìwọ̀n àmàlà tó ti jinná kò sọ iye èlùbọ́ tó wà nínú rẹ̀. Omi kò ní kálórì. Inú èlùbọ́ ni kálórì wà. Ọgọ́rùn-ún gíráàmù èlùbọ́ gbígbẹ ní nǹkan bí 350 kálórì. Gàrí gbígbẹ àti ìrẹsì tí a kò tíì sè náà kò jìnnà sí i.

Ẹ ṣe é báyìí. Ẹ wọn ìkòkò tó ṣófo pẹ̀lú ọmọrogùn rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wọn èlùbọ́ kí ẹ tó dà á sínú omi híhó. Ká ní ó jẹ́ 900 gíráàmù. Ẹ rò ó bí ẹ ṣe máa ń rò ó. Nígbà tó bá jinná, ẹ fi gèlè kékeré tàbí aṣọ ìnuwọ́ dì í gbé sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ yọ ìwọ̀n ìkòkò àti ọmọrogùn kúrò. Ká ní àmàlà náà jẹ́ 2,800 gíráàmù. Ẹ fi 2,800 pín 900: ó fún wa ní 0.32. Nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù àmàlà yìí, gíráàmù 32 ni èlùbọ́; ìyókù jẹ́ omi. Bí òkèlè tí wọ́n gé sínú àwo yín bá wọ̀n 250 gíráàmù, èlùbọ́ 80 gíráàmù ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn 280 kálórì. Òkèlè kékeré tó wọ̀n 90 gíráàmù jẹ́ ọgọ́rùn-ún kálórì.

Bí òṣùwọ̀n kékeré yín kò bá lè gbé ìkòkò, kí ẹ gé òkèlè sínú ọ̀rá, kí ẹ wọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ro wọ́n pọ̀. Ẹ̀mejì tàbí ẹ̀mẹta péré lẹ óò ṣe ìyọnu yìí. Ọwọ́ ẹni tó ń ro àmàlà kì í sábà yí padà. Bí ẹ bá ti mọ 0.32 tiyín, ó ti di tiyín nìyẹn, àfi bí ẹlòmíràn bá gba ọmọrogùn. Àmàlà tí ẹ rà ní búkà kò ṣeé mọ̀ báyìí. Ẹ fojú bù ú, kí ẹ má sì jẹ́ kó ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ yìí ń lọ.

Ohun tí a ń bù kún, àti ohun tí a kò ní fọwọ́ kàn

Ẹ má dín purotéènì kù nítorí pé oúnjẹ míì ti ń pọ̀. Ẹni tó bá jẹ́ kílò 71 tó ń jẹ nǹkan bí ọgọ́rùn-ún gíráàmù purotéènì lójúmọ́, láti inú ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, wàrà àti ẹran, kó máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé irin tàbí tí ẹ ń ṣe eré ìdárayá alágbára, ẹ má dá a dúró. Ìgbà tí oúnjẹ ń padà bọ̀ ni iṣan máa ń rí ohun tó fẹ́ lò.

Oúnjẹ afúnnilágbára ni ẹ óò kọ́kọ́ bù kún, torí òun ni ẹ ti gé jù: òkèlè, iṣu, ìrẹsì, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ bù ú sí ìgbà tí iṣẹ́ ọjọ́ wúwo jù, kì í ṣe sí àárín òru. Lẹ́yìn náà ni ẹ lè bu ọ̀rá díẹ̀ kún un bí ọbẹ̀ yín bá ti gbẹ fún oṣù méje. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀: ṣíbí ìjẹun kan epo pupa tàbí òróró tó kún jẹ́ nǹkan bí 120 kálórì, ìyẹn ju òkèlè kékeré wa lọ, ẹ kò sì ní mọ̀ lẹ́nu pé ẹ jẹ nǹkan kan.

Ọgọ́rùn-ún kálórì lè jẹ́ òkèlè àmàlà 90 gíráàmù yẹn, tàbí gàrí gbígbẹ gíráàmù 28, tàbí iṣu sísè gíráàmù 85, tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tí kò tóbi púpọ̀, tàbí ẹ̀pà sísun gíráàmù 17. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí kéré lọ́wọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà kún àtẹ́lẹwọ́, nítorí náà kì í ṣe nǹkan tí à ń bù jẹ láti inú ìgò nígbà tí à ń wo fíìmù.

Ohun kan péré ni kí ẹ bù kún lọ́sẹ̀, ibi kan náà ni kí ó sì máa wà nínú ọjọ́. Ẹni tó fi òkèlè kún oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ Ajé, tó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún òwúrọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tó fi ẹ̀pà kún alẹ́ lọ́jọ́rú, kò ní mọ ohun tó ń ṣe mọ́ tó bá di Sátidé.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́: kílò tí kì í ṣe ọ̀rá

Aránṣọ wa bu òkèlè 90 gíráàmù kún oúnjẹ ọ̀sán. Oúnjẹ rẹ̀ di 1,550. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àròpín rẹ̀ kúrò ní 71.2 bọ́ sí 71.5. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan kún òwúrọ̀, ó di 1,650, àròpín sì di 71.8. Ìṣirò sọ pé kò tíì dé iye ìdúró rẹ̀, síbẹ̀ ó ń wúwo sí i. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń sá padà.

Kò sí àdììtú níbẹ̀. Ara máa ń fi ṣúgà pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní gíláíkójìn, gíráàmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ a sì máa di nǹkan bí gíráàmù mẹ́ta omi mọ́ra. Oṣù méje ebi ti dín ohun tó wà nínú àká náà kù. Ìgbà tí òkèlè bẹ̀rẹ̀ sí í padà, àká ń kún, omi sì ń bá a wọlé. Oúnjẹ tó pọ̀ sí i nínú ìfun náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Kílò kan kò ṣòro láti rí báyìí, nígbà míì kílò kan àbọ̀, kí ọ̀rá tó ń gòkè tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ẹ fi ìṣirò dá ẹ̀rù dúró. Kí kílò kan ọ̀rá tó lè wọ ara láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ní láti jẹ 7,700 kálórì ju ohun tí ara yín ná lọ. Èlùbọ́ gbígbẹ kílò méjì lé díẹ̀ nìyẹn, lórí oúnjẹ tí ẹ ti jẹ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó jẹ ẹ́ yóò mọ̀ pé òun jẹ ẹ́.

Bí a ṣe ń dá omi mọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rá ni pé omi máa ń yára wá, á sì dúró. Ọ̀rá máa ń rọra wá, kì í sì í dúró. Téèpù náà yóò jẹ́rìí: bí òṣùwọ̀n bá fi kílò kan kún un tí ìbàdí kò kúrò lójú kan tàbí tí kò ju ààbọ̀ sẹ̀ǹtímítà lọ, omi ni. Fún obìnrin, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú nǹkan oṣù máa ń gbé omi wá tó lè tó kílò kan lọ́tọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ yẹn wé ọ̀sẹ̀ kan náà ní oṣù tó kọjá, ẹ má fi wé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Ọbẹ̀ tí iyọ̀ àti mágí pọ̀ nínú rẹ̀ lálẹ́ Sátidé yóò hàn lórí òṣùwọ̀n láàárọ̀ Sọ́ńdè, yóò sì ti lọ kó tó di Ọjọ́rú.

Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kò ní ìdájọ́ nínú. Ẹ bù ú kún, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ máa lọ.

Láti ibẹ̀ dé òkè

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, aránṣọ náà fi ẹ̀pà gíráàmù 17 kún un, ó di 1,750. Ó ti dé iye ìdúró tó ṣírò, ó tiẹ̀ fi kálórì 25 kọjá. Àròpín rẹ̀ jẹ́ 71.9. Kò bu nǹkan kan kún un mọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin àti ìkarùn-ún. Ó dúró. Àròpín: 71.9, lẹ́yìn náà 71.8. Àká ti kún, omi ti dúró, ọ̀rá kò wọlé.

Ìdúró ọ̀sẹ̀ méjì yìí ṣe pàtàkì ju bíbù náà lọ, nítorí òun ni yóò fi ilẹ̀ pẹrẹsẹ hàn yín. Ẹni tó ń bù ú kún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láì dúró kò ní mọ ìgbà tó kọjá ẹnubodè.

Nígbà náà ló kíyè sí nǹkan kan: fóònù rẹ̀ tó ń ka ìṣísẹ̀, tó ti ń ka 6,000 lójúmọ́ ní ìparí oṣù ebi, ti padà sí 8,500. Òun fúnra rẹ̀ kò pinnu láti rìn. Ó kàn ń dìde sí i ni, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà dípò ọ̀kadà, òtútù kò sì mú un láàárọ̀ mọ́. Ara ti ń ná owó padà. Èyí ni apá tó jẹ́ òótọ́ nínú ohun tí àwọn kan ń sọ pé ọ̀nà yìí ń ta ara jí. Ohun tí kì í ṣe òótọ́ ni pé ẹ lè máa bù ú kún títí ẹ óò fi máa jẹ 2,800 láì sanra. Nígbà tó wà ní kílò 84, ó lè jẹ́ pé 2,100 ló fi ń dúró. Kílò 13 tó ti lọ kò ní padà láti wá náwó, nítorí náà 2,100 yẹn kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ó tó kó dán an wò sí i. Ọ̀sẹ̀ kẹfà àti ìkeje, ó jẹ 1,850: 72.0, lẹ́yìn náà 71.9. Ó dúró. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó gbé e dé 1,950, ó sì wà níbẹ̀: 72.0, 72.1, 72.2, 72.3. Kò fò sókè lẹ́ẹ̀kan bí omi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló fi rọra gun àkàbà, ìdá mẹ́wàá kílò lọ́kọ̀ọ̀kan, téèpù náà sì fi sẹ̀ǹtímítà kan kún ìbàdí. Ìdá mẹ́wàá kílò lọ́sẹ̀ jẹ́ 770 kálórì, ìyẹn 110 lójúmọ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 1,950: 1,840. Ẹnubodè rẹ̀ nìyẹn. Ó dá ọgọ́rùn-ún tó gbẹ̀yìn padà sílẹ̀, ó sì fìdí mọ́ 1,850.

Ẹ wo ohun tó jèrè: ó kúrò ní 1,450 bọ́ sí 1,850, òkèlè mẹ́rin irú ti kékeré yẹn lójúmọ́, tí ọ̀rá tó wọlé kò sì fi bẹ́ẹ̀ kọjá ìdajì kílò.

Ta ló lè yára jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹni tí àlàfo rẹ̀ tóbi. Bí ìwé yín bá sọ pé ẹ ṣì ń pàdánù ìdajì kílò lọ́sẹ̀, àlàfo yín jẹ́ 550 kálórì. Ẹ lè bu 200 kún un ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú méjì àkọ́kọ́, kí ẹ tó wá rọra. Ẹni tó lè fò dé iye ìdúró lẹ́ẹ̀kan náà kò dẹ́ṣẹ̀, bí ó bá lè fara da kílò tí omi yóò gbé wá. Ìdí tí a fi ń pín in sí ọ̀sẹ̀ kì í ṣe nítorí pé ara ń bẹ̀rù oúnjẹ. Nítorí pé ebi kò tíì wálẹ̀ ni. Wọ́n ṣe àdánwò kan ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà ní 1944 àti 1945 lábẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ancel Keys: ọkùnrin 36 ni wọ́n dín oúnjẹ wọn kù fún ọ̀sẹ̀ 24, wọ́n sì ń wo bí wọn yóò ṣe padà bọ̀ sípò. Nígbà tí oúnjẹ padà dé, àwọn kan nínú wọn ń jẹ, ń jẹ, ikùn kún bámúbámú, ebi ṣì wà. Ebi tiwọn le ju ti ẹni tó ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ lọ jìnnà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kan wa: ẹ má fi ebi ṣe atọ́nà ní oṣù méjì àkọ́kọ́. Òun kò tíì mọ̀ pé ọ̀dá ti tán.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́

Epo ni àkọ́kọ́. Nígbà tí ìyá ilé bá gbọ́ pé ẹ ti ń jẹun padà, yóò fi ayọ̀ da epo sọ́bẹ̀. Ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ Mà, èmi ni n óò máa bu ọbẹ̀ tèmi, ẹ jẹ́ n bù ú láti ìsàlẹ̀ ìṣasùn.” Epo ń léfòó, ẹni tó bá kọ́kọ́ bu ọbẹ̀ lójú ni yóò jẹ púpọ̀ jù nínú rẹ̀.

Èkejì ni òde Sátidé. Ọjọ́ mẹ́fà tí ẹ jẹ 1,650, tí ẹ wá jẹ 3,400 lọ́jọ́ keje nídìí ìnáwó, àròpín yín jẹ́ 1,900. Ìwé yín sọ 1,650, ara yín sì gbọ́ 1,900. Ẹ má torí ẹ̀ kọ òde sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ fojú bù ú, kí ẹ sì fi kún un ju ohun tí ẹ rò lọ, torí ojú kì í rí epo inú ìrẹsì àsè. Ìgò mínírà 50 sẹ̀ǹtílítà kan nìkan ti tó bí 200 kálórì. Bí òde bá wà lọ́sẹ̀ náà, ẹ má bu nǹkan kún oúnjẹ àárín ọ̀sẹ̀. Òde ti bù ú fún yín.

Ẹ̀kẹta wọ́pọ̀ níhìn-ín ju ibòmíràn lọ. Àsìkò máńgòrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sẹ́ni tó ń ka iye tó jẹ. Máńgòrò kan tí ẹran ara rẹ̀ tó 200 gíráàmù jẹ́ nǹkan bí 120 kálórì. Mẹ́rin lábẹ́ igi láàárín ìtàkurọ̀sọ ti kọjá gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ bù kún ní oṣù kan. Ẹ jẹ ẹ́, ẹ má bínú sí i, ṣùgbọ́n ẹ fi rọ́pò ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ má jẹ́ kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kajú sísun ni kí ẹ bẹ̀rù jù, ọgbọ̀n gíráàmù rẹ̀ ti tó bí 170.

Èyí tó kù ni ti ẹni tó ń bu ogún kálórì kún un lọ́sẹ̀. Bí àlàfo rẹ̀ bá jẹ́ 275, yóò tó oṣù mẹ́ta kó tó dé ìdúró, ebi ni yóò sì fi parí gbogbo rẹ̀. Ogún kálórì kò tó gíráàmù mẹ́fà gàrí. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná gan-an lè ṣìnà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ẹ bá ti rí ẹnubodè

Ẹ máa wọn ara lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i ní iye tí ẹ dúró lé, kí ẹ tó dín in kù sí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ kọ ààlà méjì sí ẹ̀yìn ìwé. Fún aránṣọ wa, ó jẹ́ 71 nísàlẹ̀ àti 73.5 lókè. Bí àròpín bá wà láàárín wọn, kò sí ohun tó yẹ kó yí padà, ì báà jẹ́ pé òwúrọ̀ kan ka 73.8. Bí àròpín bá kọjá 73.5 fún ọ̀sẹ̀ méjì léra wọn, tí kì í ṣe ọ̀sẹ̀ nǹkan oṣù, kó yọ òkèlè kékeré kan kúrò lọ́sàn-án fún oṣù kan. Bí ó bá rẹlẹ̀ ju 71 lọ, kó gbé e padà.